Ajá Ńlá Tó Ń Fa Okùn: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ Kó Máa Rìn Lórí Okùn Tó Dẹ̀

Ní Kubwa níbí, bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ẹ ó rí wọn lójú títì: ẹnì kan di okùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó fẹ̀yìn tì, ajá ńlá kan wà níwájú tó ń wọ́ ọ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ajá wọ̀nyí ni kì í ṣe ajá burúkú. Ajá ìṣọ́ ni wọ́n, Bóábúùlù, Rọ́tíwáílà, Àlùséṣíàn, tí wọ́n ń tì mọ́ inú kéèjì láti àárọ̀, tí wọ́n ń tú sílẹ̀ sínú ọgbà lálẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń rí ìta géètì. Nígbà tí ajá bẹ́ẹ̀ bá wá pé ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, agbára rẹ̀ ti ju ti ẹni tó mú un lọ, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ bí a ti ń rìn.

Irú ajá yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọmọ ajá rọrùn, ẹ lè fi ọwọ́ kan gbé e. Tí ajá bá ti tó kílò àádọ́ta sókè, a ò lè fi agbára kọ́ ọ, nítorí agbára ni òun náà ní jù.

Ọdún tó kọjá ni Ìyá Ìbejì tó ń gbé òpópónà kejì sí wa ránṣẹ́ pè mí. Bóábúùlù kan wà nílé wọn tó ń jẹ́ Tanímọ̀la, akọ, ọmọ ọdún mẹ́rin, kílò 58. Ìyá Ìbejì fúnra wọn kò ju kílò 63 lọ. Ní ọjọ́ kan, àgùntàn mẹ́ta kọjá níwájú wọn, Tanímọ̀la sáré, okùn tí wọ́n wé mọ́ ọrùn ọwọ́ kò tú, ó sì fà wọ́n ṣubú lórí ọ̀dà. Ọwọ́ wọn wú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó o. Bí kò bá ṣeé ṣe, kó kúkú máa jókòó sínú kéèjì ẹ̀." Ohun tí a ṣe fún Tanímọ̀la láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni màá tẹ̀ lé nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Ẹsẹ̀ yín ni owó iṣẹ́ rẹ̀

Àwọn kan máa ń sọ pé ajá ń fa okùn nítorí ó fẹ́ jẹ ọ̀gá lé olówó rẹ̀ lórí. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ajá ń fà nítorí ìrìn tiwa lọ́ra lójú rẹ̀, àti nítorí pé fífà máa ń so èso. Ó rí koríko kan tó fẹ́ gbóòórùn, ó fà, ẹ tẹ̀ lé e, ó dé ibẹ̀. Ẹ ti sanwó fún un nìyẹn. Bí ẹ tilẹ̀ ń pariwo mọ́ ọn bí ẹ ti ń lọ, ẹsẹ̀ yín ń gbé e débi tó ń lọ, ẹsẹ̀ yẹn ló sì ń kọ́ ọ, kì í ṣe ariwo yín.

Nítorí náà òfin kan ṣoṣo ló wà: bí okùn bá le, ẹsẹ̀ yín dúró, bí okùn bá dẹ̀, ẹsẹ̀ yín lọ. Gbogbo ohun tó kù jẹ́ ọ̀nà láti mú kí ajá rí òfin yìí kedere, kí ó sì rọrùn fún un láti pa á mọ́.

Ohun tó sì ń ba òfin náà jẹ́ ni kí ẹ máa pa á mọ́ ní àárọ̀, kí ẹlòmíì máa rú u ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ wo àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù: wọn kì í jẹ ní ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá jẹ, wọ́n á padà wá ní ìgbà ogún. Ajá tí fífà bá ń so èso fún ní ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́wàá máa ń fà pẹ̀lú agídí ju èyí tó ń so èso fún ní gbogbo ìgbà lọ. Ní ilé Ìyá Ìbejì, mẹ́gáàdì ló ń mú Tanímọ̀la jáde ní ìrọ̀lẹ́, ó sì máa ń sáré tẹ̀ lé e. A kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú mẹ́gáàdì, a bẹ̀ ẹ́ kó dá ìrìn náà dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó máa ju bọ́ọ̀lù fún ajá nínú ọgbà dípò rẹ̀.

Ohun èlò tí ẹ nílò

Ẹ ra bẹ́líìtì àyà, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní háńẹ́sì, tó ní òrùka níwájú àyà àti òrùka mìíràn lẹ́yìn. Òrùka iwájú ni ti ẹ̀kọ́. Bí ajá bá fà nígbà tí okùn so mọ́ iwájú àyà, agbára rẹ̀ á yí ara rẹ̀ padà sí ọ̀dọ̀ yín, kò ní lè fi gbogbo àyà àti èjìká tì í bíi ti màlúù tó ń fa ohun ìtúlẹ̀. Òrùka ẹ̀yìn ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ajá ti ń rí agbára fà jù. Ẹ wo bí bẹ́líìtì náà ṣe gba ara: kó rí bí orí igi tó pẹ̀ka níwájú àyà, kó má dábùú èjìká, nítorí èyí tó dábùú èjìká kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú nà dáadáa. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọlé láàárín bẹ́líìtì àti ara. Ẹ máa yẹ abẹ́ apá rẹ̀ wò lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Bí irun bá ti ń já níbẹ̀, bẹ́líìtì yẹn kò bá a mu.

Okùn náà, kó gùn tó mítà méjì, kó fẹ̀ tó ìka ọwọ́ kan, kó jẹ́ aṣọ híhun tàbí awọ. Ẹ má lo ṣéènì irin. Ó wúwo débi pé ajá kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín dídẹ̀ àti líle, ó sì máa ń bó ọwọ́. Okùn tó ń fà jáde tó tún ń ká ara rẹ̀ sínú ike kò dára fún ẹ̀kọ́ yìí rárá. Nígbà gbogbo ni irú okùn bẹ́ẹ̀ máa ń le díẹ̀, ajá sì gbọ́dọ̀ fà kó tó gùn sí i. Ohun tí a kò fẹ́ kó mọ̀ gan-an ló ń kọ́ ọ.

Fún ajá tó wúwo bíi Tanímọ̀la, mo máa ń fi okùn kúkúrú kan tó ní ìkọ́ méjì so bẹ́líìtì àyà pọ̀ mọ́ kọ́là ọrùn, kí ọ̀kan lè dì í mú bí ìkejì bá já. Bí ẹ bá sì mú okùn dání, ẹ má wé e mọ́ ọwọ́. Ẹ ki àtàǹpàkò bọ inú ojú okùn, ẹ jẹ́ kó gba àtẹ́lẹwọ́ kọjá, ẹ pa ìka dé e, kí ọwọ́ kejì di àárín okùn mú. Bí nǹkan bá le, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ mú ọwọ́ méjèèjì sún mọ́ ìdodo. Ẹ ò ní ṣubú bọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní kí ló dé tí a ò lo ṣéènì tó ń fún ọrùn, èyí tó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Mo ti lò ó rí, ní ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń dá ajá dúró ní ọjọ́ tó bá ń dun ún. Ṣùgbọ́n ajá tó bá rí ewúrẹ́, tí ọrùn sì dùn ún, á rí ewúrẹ́, ọrùn á dùn ún, kò ní pẹ́ tó fi máa gbà pé ewúrẹ́ ló ń fa ìrora náà. Mo rí ajá tó jẹ́ pé ńṣe ló kàn ń fẹ́ ṣeré tẹ́lẹ̀, tó wá di ẹni tó ń gbó mọ́ gbogbo ohun tó bá ń kọjá. Ọrùn fúnra rẹ̀ ò sì fẹ́ ìyẹn: ìwádìí kan tí àwọn dókítà ẹran tẹ̀ jáde ní 2006 wọn ìfúnpá inú ojú ajá nígbà tó ń fa okùn, wọ́n rí i pé ó ga nígbà tí okùn so mọ́ ọrùn, kò sì ga bẹ́ẹ̀ nígbà tó so mọ́ bẹ́líìtì àyà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé a kì í mú ọ̀pá lọ́wọ́ pe ajá.

Ẹran tí a ó fi sanwó

Ẹ bọ iwe adìyẹ tàbí ẹ̀dọ̀ màlúù láìfi iyọ̀, àlùbọ́sà tàbí mágì sí i. Àlùbọ́sà léwu fún ajá. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ẹ̀pà kan lọ. Ó kéré lójú wa, ṣùgbọ́n ajá ń ka iye ìgbà tó jẹun, kì í wo bí ó ti tóbi tó. Ọgọ́ta ègé bẹ́ẹ̀ tó fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì dín oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ kù ní ìwọ̀n ohun tó jẹ. Ẹ má ṣe kọ́ ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀bà yó.

Ẹ yan ọ̀rọ̀ kan tí yóò máa sọ fún un pé ó ṣe é. Tiwa ni "O káre!" Ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣáájú ẹ̀kọ́, ẹ jókòó tì í, ẹ sọ "O káre!", kí ẹran sì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, ní ìgbà ogún. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́, ẹran lẹ́yìn. Nílé Ìyá Ìbejì, àwọn ọmọ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ajá, ìyá ń sọ Yorùbá, mẹ́gáàdì ń sọ Hausa. Èdè kì í ṣe ìṣòro ajá. Ohun tó ṣòro fún un ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún ohun kan ṣoṣo. Gbogbo wọn fẹnu kò sí "O káre", mẹ́gáàdì náà sì ń sọ ọ́ dáadáa.

Kíka ẹsẹ̀ nínú ọgbà

Ọgbà yín ni kíláàsì, nítorí ibẹ̀ ni nǹkan tó lè gba ọkàn rẹ̀ kéré jù sí. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tú u sílẹ̀ kúrò nínú kéèjì fún ìdajì wákàtí, kó tọ̀, kó yàgbẹ́, kó sáré. Ajá tó ti jókòó sínú kéèjì láti òwúrọ̀ kò lè fetí sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú tó jáde, bí ẹran tilẹ̀ pọ̀ tó lọ́wọ́ yín.

Ẹ mú un sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Okùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gba iwájú yín kọjá, ẹran wà lápá òsì nínú báàgì kékeré tí ẹ so mọ́ ìbàdí. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan. Bí okùn bá dẹ̀, ẹ sọ "O káre!", kí ẹ fún un ní ègé kan. Ẹ gbé ẹsẹ̀ méjì, ẹ sanwó. Mẹ́ta, ẹ sanwó. Mẹ́rin, ẹ sanwó. Ẹ máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún un bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó bá fa okùn, ẹ dúró gbagidi, ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ má fà á padà. Ẹ dúró títí òun fúnra rẹ̀ á fi dẹ okùn náà, bóyá ó wẹ̀yìn wò, bóyá ó gbé ẹsẹ̀ kan padà. Nígbà náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan.

Ẹwà ọ̀nà yìí wà nínú ìṣirò rẹ̀. Láti dé ẹsẹ̀ mẹ́wàá láìṣàṣìṣe, ajá á ti rìn ẹsẹ̀ 55, á sì ti jẹ ègé mẹ́wàá. Láti dé ogún, ó ti rin 210, ó jẹ ogún péré. Bí ó ṣe ń dára sí i ni owó ń jìnnà síra, láìjẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó lọ́kàn yín pé báwo ni màá ṣe dín ẹran kù.

Ibi tí ẹ ti ń fún un ní ẹran ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń rí àṣìṣe jù. Ọwọ́ òsì ni kó fún un, ní ẹ̀gbẹ́ ìránṣọ ṣòkòtò yín, ní ìwọ̀n ibi tí ẹnu rẹ̀ wà. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ọ̀tún fún un, ọwọ́ á gba iwájú yín kọjá, ajá á sì tẹ̀ lé ọwọ́ náà, á yí wá síwájú yín, á dábùú ọ̀nà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ó máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ajá yìí ń dí yín lẹ́sẹ̀. Ajá máa ń dúró síbi tí owó ti ń wá.

Ẹ máa wo okùn náà fúnra rẹ̀. Kó sọ̀ nísàlẹ̀ bí okùn tí a sá aṣọ tútù sí, kí ìkọ́ irin tó so mọ́ àyà ajá máa fì sísàlẹ̀. Bí ìkọ́ náà bá nà gbọọrọ, okùn ti le, bí ọwọ́ yín kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ kìíní pẹ̀lú Ìyá Ìbejì, mo ní kí wọ́n wo ìkọ́ yẹn, wọ́n sì rí i pé àwọn gan-an ló ń fà: ẹ̀rù ìṣubú ti mú kí wọ́n di okùn mú kúkúrú, kò fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ fún ajá láti ṣe dáadáa. Nígbà tí a fún un ní mítà kan àti ààbọ̀, Tanímọ̀la fúnra rẹ̀ wẹ̀yìn wò, bí ẹni tí nǹkan yà lẹ́nu.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ó tó. Ìyá Ìbejì ń kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ọmọ wọn. Ọjọ́ kìíní, kò kọjá ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ọjọ́ kẹta, méje. Ọjọ́ karùn-ún, ó bàjẹ́, ó padà sí mẹ́ta, nítorí adìyẹ aládùúgbò wọ ọgbà. Ọjọ́ keje, ó dé ogún ní ẹ̀ẹ̀mejì léraléra. Àmì tí mo ń wò nìyẹn kí n tó gbà kí a lọ sí géètì: ogún ẹsẹ̀, ní ìgbà méjì ní ọ̀sán kan náà, láìfa okùn.

Géètì

Ọ̀pọ̀ ajá ni ìrìn wọn ti bàjẹ́ kí wọ́n tó jáde. Okùn tí ẹ mú nílẹ̀ ni, ariwo géètì ni, wọ́n ti ń fò sókè. Bí ẹ bá fi ìdùnnú yẹn jáde, ẹ ti fi fífà bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ náà.

Ẹ mú un dé géètì, okùn dẹ̀. Ẹ ṣí géètì ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Bí ó bá fò síbẹ̀, ẹ rọra ti géètì padà láìsọ̀rọ̀, kí ẹ rí i pé imú rẹ̀ kò sí láàárín. Bí ó bá dúró, tó ń wò yín, "O káre!", ẹran. Ẹ ṣí i díẹ̀ sí i. Tanímọ̀la gba ìṣí àti ìtì mọ́kànlá ní ọjọ́ kìíní. Ní ìgbà kejìlá, géètì ṣí gbayawu, ajá yẹn dúró, ó ń gbọ̀n láti èjìká dé ìdí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀, ojú rẹ̀ ń lọ sí títì, ó ń padà sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, ó ń lọ, ó ń padà. Wọ́n ní "Máa lọ!", wọ́n sì jáde pọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹran kọ́ ni owó tó gbà ní ìgbà yẹn. Títì fúnra rẹ̀ ni.

Títì

Ẹ jáde láàrin aago mẹ́fà sí méje àárọ̀. Láti Fẹ́búárì sí Épírílì, oòrùn Àbújá máa ń mú ọ̀dà gbóná débi tó lè bó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà fún ìṣẹ́jú àáyá méje. Bí ẹ kò bá lè fara dà á, òun náà kò lè fara dà á. Bóábúùlù àti àwọn ajá tí imú wọn kúrú tún máa ń tètè gbóná nínú ara, bí ó bá sì ń mí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ahọ́n tó fẹ̀ gbòò, ẹ padà sílé. Ẹ má retí pé ajá tó ń gbóná á gba ẹran.

Iye tó dé nínú ọgbà kò ní wà mọ́ ní títì, kó má dẹ́rù bà yín. Tanímọ̀la tó ti dé ogún nínú ọgbà padà sí mẹ́ta níta. A kàn bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan. Níwájú géètì wọn nìkan ni a lò fún ọjọ́ mẹ́rin, a ń lọ, a ń bọ̀, kò ju ilé márùn-ún lọ. Ìrìn kúkúrú tí okùn dẹ̀ nínú rẹ̀ dára ju ìrìn gígùn tí ẹ fi wọ́ ara yín lọ.

Níta, owó kejì wà: imú rẹ̀. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó dára, ẹ sọ "Máa lọ!", kí ẹ bá a lọ síbi koríko, kó gbóòórùn fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ tẹ̀ lé e kí okùn má bàa le. Ajá tó wà nínú kéèjì lójoojúmọ́ fẹ́ràn èyí ju ẹ̀dọ̀ lọ. Nígbà tó bá yé e pé okùn tó dẹ̀ ni ọ̀nà sí koríko, ìjà ti parí ní ìdajì.

Ní ti àwọn nǹkan tó ń kọjá, àgùntàn, ewúrẹ́, máí rúwà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ omi rẹ̀, agbo màlúù Fúlàní nígbà míì, ẹ má dúró kí okùn le kí ẹ tó ṣe nǹkan. Ẹ wo etí rẹ̀. Etí á kọ́kọ́ ró síwájú, ẹnu á pa, ìrìn á lọ́ra, ọrùn á gùn. Ẹ ní ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta sí i. Ẹ sọ "Ó yá!" pẹ̀lú ohùn tó dùn, ẹ yí padà pátápátá, ẹ máa lọ sí ọ̀nà kejì, kí ẹran dúró dè é ní ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò yín. Kí ẹ ti kọ́ ọ ní ìyípadà yìí nínú ọgbà ní ìgbà ọgbọ̀n kí ẹ tó nílò rẹ̀ níta. Bí ó bá ti dé òpin okùn, tó ń gbó, tí kò gba ẹran mọ́, kò sí ẹ̀kọ́ tó lè wọlé ní àkókò yẹn. Ẹ kàn mú un jìnnà. Ohun tí kíkọ ẹran ń sọ fún yín ni pé ẹ sún mọ́ nǹkan náà jù. Pẹ̀lú Tanímọ̀la, àgùntàn ní ogójì mítà ni a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, lórí ilẹ̀ gbayawu kan tí a ti lè rí wọn láti òkèèrè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ń kọjá lára wọn ní mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, okùn dẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé etí kò kúrò lára wọn.

Ọjọ́ tí ẹ kò ráyè kọ́ ọ

Ìgbà míì, ẹ gbọ́dọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, kò sí àyè láti máa ka ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ so okùn mọ́ òrùka ẹ̀yìn, kí ẹni tó lágbára jù nílé mú un. Ajá máa ń mọ ìyàtọ̀ láti ara: okùn iwájú àyà, òfin wà, okùn ẹ̀yìn, òfin kò sí lónìí. Èyí dára púpọ̀ ju kí ẹ rú òfin náà lórí òrùka ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó di ojoojúmọ́.

Àwọn ibi tó ti ń wọ́

Èyí tí mo máa ń bá pàdé jù ni ajá tó gbọ́n ju wa lọ. Ó á fà dé òpin okùn, á wẹ̀yìn wò, á padà wá gba ẹran, á tún fà. Ó ti kọ́ ọ bí orin: fà, padà, jẹ. Ẹ ó dá a mọ̀ nítorí kò bínú, ó sì ń wo báàgì ẹran yín bó ti ń fà. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé nígbà tó bá padà, ẹ má sanwó fún pípadà náà. Ẹ kọ́kọ́ rìn ẹsẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin pẹ̀lú okùn tó dẹ̀, kí ẹ tó sọ "O káre!", kí kíkà sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹlòmíì á sọ pé òun dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ajá ò wẹ̀yìn wò. Ìyẹn ni pé ibẹ̀ le jù fún un. Ẹ má dúró bí igi níwájú ilé tí ajá mìíràn ti ń gbó. Ẹ yí padà, ẹ lọ síbi tó dákẹ́. Dídúró ń ṣiṣẹ́ níbi tí ajá ti lè ronú.

Bí ìlọsíwájú bá dúró lójijì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tó dára, ẹ bi ará ilé léèrè kí ẹ tó dá ajá lẹ́bi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Tanímọ̀la padà sí ẹsẹ̀ márùn-ún. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ló ti ń mú un lọ sí kíósì lálẹ́, tó ń jẹ́ kó fà á kó lè tètè dé. Ọmọ náà kò mọ̀ pé nǹkan kan bàjẹ́. A kọ́ òun náà ní kíka ẹsẹ̀, ó sì dára jù wá lọ, nítorí ọmọdé kì í kánjú fún nǹkan kan.

Ajá tí èyí kò tó fún

Ajá tó ti bu ènìyàn jẹ, tàbí tó ń kọlu ènìyàn pẹ̀lú eyín nígbà tó bá wà lórí okùn, kò sí lára àwọn tí mo ń sọ. Ẹ fi apẹ̀rẹ̀ ẹnu tó jẹ́ kó lè la ẹnu mí sí i lẹ́nu, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ iṣẹ́ kó wò ó lójúkojú. Ajá tó ń wúkọ́ bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́rùn nígbà tí okùn bá le, èyí tó ń tiro, tàbí tó ń bínú bí a bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, dókítà ẹran ni kó kọ́kọ́ rí. Kí gbogbo ajá tó ń jáde sí títì sì ti gba abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi, nítorí àwọn ajá tó ń rìn káàkiri ní àdúgbò wa kò ní olówó tó máa dáhùn fún wọn.

Bí ẹni tó ń mú ajá bá jẹ́ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò gba ìṣubú, òrùka iwájú á dín agbára ajá kù, kò ní mú un kúrò. Kí ẹlòmíì mú okùn kejì, tó so mọ́ òrùka ẹ̀yìn, fún oṣù àkọ́kọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Ìyá Ìbejì rin àádọ́ta ẹsẹ̀ pẹ̀lú Tanímọ̀la láìjẹ́ kí ìkọ́ nà. Láti ibẹ̀, wọn kò ka ẹsẹ̀ mọ́, wọ́n ń fún un ní ègé kan láàárín ilé méjì sí mẹ́ta, àti "Máa lọ!" níbi gbogbo koríko tó dára. Ẹran ṣì wà nínú báàgì nígbà gbogbo. Ní oṣù kẹrin, mo pàdé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, okùn sọ̀ láàárín wọn, wọ́n fi ọwọ́ kejì mú fóònù, wọ́n ń bá ẹnìkan dúnàádúrà lórí iye iṣu.